Ọbẹ̀ Inú Àwo Ọ̀tọ̀

Títí Adédàpọ̀ Akínladé fi kúrò níṣẹ́, kò sí oṣù kan tó ka ìwé owó oṣù rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ojú rẹ̀ máa ń bà lé, bí àṣá tó rí òròmọdìyẹ, níbi tí wọ́n ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà. Yóò ká ìwé náà, yóò tì í bọ àpò àyà, ṣùgbọ́n kò ní tì í wọlé tán. Yóò jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ díẹ̀, kí ẹni tí Ọlọ́run fún lójú lè fi ríran.

Alábòójútó ni ní ẹ̀ka ìhunṣọ, ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri, ní Kaduna. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní àdúgbò Nasarawa níbẹ̀, "Mánéjà" ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn mọ̀ ni pé ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní san owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó bá mu lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ilé iṣẹ́ pàápàá ti mọ adùn ẹ̀. "Ranka ya daɗe, Manaja!" ni yóò máa ké láti òkèèrè, ìyẹn ni pé kí ẹ̀mí ọ̀gá gùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á sì ti là sílẹ̀ kí Adédàpọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ó ṣe di ọ̀gá yìí náà ní ìtàn. Lọ́dún 1992, yúníọ̀nù àwọn òṣìṣẹ́ bá ilé iṣẹ́ fà á títí, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àláwàǹsì, owó ilé, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ bésíìkì, èyí tí í ṣe ojúlówó owó oṣù. Kò sí ẹni tí owó rẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé sí i lóṣù yẹn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ariwo lásán ni. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n pe Adédàpọ̀, wọ́n ní kó yan ọ̀kan. Ó lè máa jẹ́ olórí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ, kó sì wà lábẹ́ yúníọ̀nù. Ó sì lè di síníọ̀ sítáàfù, tí yúníọ̀nù kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ mọ́, tí àwọn àláwàǹsì rẹ̀ yóò sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí wọ́n ṣe wà. Síníọ̀ sítáàfù ní ilé oúnjẹ tiwọn, tí wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì rẹ̀. Wọ́n sì ní owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Adédàpọ̀ kò ní ju kẹ̀kẹ́ ológeere kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó pè é kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi gbà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Yàkúbù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀, tó ń gbé ní Kinkinau, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ láti ọjọ́ pípẹ́, ló gbìyànjú láti bá a sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kúrò láàárín wa. Àwọn yúníọ̀nù ní dídà tí wọ́n da owó yìí pọ̀ máa wúlò lọ́la."

"Yàkúbù, ẹ̀yin ẹ da ọbẹ̀ sórí ẹ̀bà, kẹ́ ẹ máa pò ó mọ́ra wọn," ni Adédàpọ̀ wí, tó ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Èmi ti kúrò nínú ìyẹn. Ọbẹ̀ tèmi, àwo ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń bù ú sí."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ ọn débi pé nígbà tó délé, ó tún un sọ fún Moyinọlá ìyàwó rẹ̀. Moyinọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ọbẹ̀ àwo ọ̀tọ̀ ló ń pọ̀ jù ni?"

Ọdún 1996 ni òwú wọ́n, tí ọjà kò tà, tí ilé iṣẹ́ fi ní kí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ kan fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Orúkọ Adédàpọ̀ wà níbẹ̀. Ti Yàkúbù náà wà níbẹ̀. Àwọn ẹlòmíì sunkún. Adédàpọ̀ ní tirẹ̀ mú bírò, ó jókòó sí ìta ilé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò. Ó mọ ìlànà: ẹni tó bá ti lo ju ọdún mẹ́wàá lọ, owó oṣù kan ààbọ̀ ni gírátúítì rẹ̀, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì, fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ọdún 1973 ló dé ilé iṣẹ́, ìyẹn ọdún mẹ́tàlélógún. Ó sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí ẹgbẹ̀rún igba ó lé méje náírà. Ó tún un ṣe, kì í ṣe pé ó ń ṣiyèméjì, ó kàn fẹ́ tún un rí ni. Òótọ́ ni pé ìlànà náà sọ pé "bésíìkì". Ó rí ọ̀rọ̀ yẹn, ó fò ó bí èèyàn ṣe ń fo kòtò kékeré, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Oṣù kẹfà ni ẹgbẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ láti kó owó òrùlé gbọ̀ngàn wọn jọ. Òfin ẹgbẹ́ le lórí ìlérí. Ẹni tó bá ṣèlérí gbọ́dọ̀ gbé nǹkan kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, kó sì san ìyókù kí ọdún tó parí. Adédàpọ̀ kò tíì rí gírátúítì gbà, ó sì fẹ́ kí orúkọ òun wà lára ògiri. Ó lọ bá Moyinọlá, tó ń ta àǹkárá ní ọjà Kakuri.

"Ogójì ẹgbẹ̀rún péré ni, Ìyá Tinúkẹ́. Bí wọ́n bá ti san owó mi tán, màá dá a padà, màá sì fi ogún lé e."

"Owó ọjà ni ogójì ẹgbẹ̀rún yẹn, Bàbá Tinúkẹ́. Bí mo bá yọ ọ́, pákó lásán ló kù nínú ìsọ̀."

"Oṣù mélòó ló kù sí September? Ṣé o rò pé èmi náà á jẹ́ kí ìsọ̀ ìyàwó Mánéjà ṣófo?"

Moyinọlá ka owó náà fún un. Ohun tó wà lọ́kàn Adédàpọ̀ ni pé ogójì ẹgbẹ̀rún yìí lòun máa dá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, kó tó kan òun, oníṣòwò obì kan tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ dìde, ó ní àádọ́ta ẹgbẹ̀rún lòun máa san. Àtẹ́wọ́ sọ. Alhaji Jàmàlúdéènì, alága ẹgbẹ́, fọwọ́ gbá oníṣòwò náà mọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ gun Adédàpọ̀ lórí. Nígbà tí wọ́n ké "Mánéjà wa ńkọ́?", ó dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó na ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, "Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Ogójì rèé. Ìyókù ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́."

Kí oṣù tó parí, akunlé ti kọ ọ́ gàdàgbà sí ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà: MÁNÉJÀ ADÉDÀPỌ̀ AKÍNLADÉ, ₦100,000.

Moyinọlá kò tíì mọ̀ nípa ọgọ́rùn-ún. Ojú ògiri ló ti kà á. Ó kà á tán, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

September dé. Wọ́n pe Adédàpọ̀ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Faridah ló wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kaduna, tí Haúsá máa ń yọ sí i lẹ́nu bí ata sínú ìrẹsì.

"Sannu da zuwa, ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ṣe tiyín tán. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, sà."

Adédàpọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ti ìpín àkọ́kọ́ nìyẹn?"

"Ìpín kankan kò sí, sà. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

"Ọmọ mi, o ti mú fáìlì ẹlòmíì. Tún un wò dáadáa. Akínladé, síníọ̀ sítáàfù."

"Tiyín ni, sà." Ó yí ìwé náà sí i, ó sì ń fi ìka tọ́ ọ bí olùkọ́. "Bésíìkì tẹ́ ẹ gbà kẹ́yìn la máa ń fi ṣe é. Tiyín jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì. Oṣù kan ààbọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlélógún lẹ ṣe. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́nà mọ́kànlélógún, mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni mò ń gbà lóṣù!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹgbẹ̀rún méjì ni bésíìkì. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ jẹ́ owó ilé. Owó ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, oúnjẹ ẹgbẹ̀ta, iná àti omi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, owó ipò náà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àwọn yẹn, ẹni tó ṣì ń wá síṣẹ́ ni wọ́n wà fún. Ẹni tí kò wá síṣẹ́ mọ́, owó ọkọ̀ wo la fẹ́ san fún un?"

Ó dàbí ẹni pé wọ́n ń bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rántí ọdún mẹ́tàlélógún, ó sì dì í mú bí ẹni tó ń rì ṣe ń di koríko mú.

"Ọdún tí mo lò ńkọ́? 1973 ni mo dé ibí yìí! Ọdún mẹ́tàlélógún ni!"

Faridah rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó rí i pé arákùnrin kan tó ń gbálẹ̀ nínú ọ́fíìsì ti dá ìgbálẹ̀ dúró, ó ń gbọ́. "Òótọ́ ni, Bàbá, oṣù kẹta '73. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojúmọ́ lẹ ń ṣe nígbà yẹn, ẹ̀ ń ru òwú láti inú ọkọ̀. Wọn kì í ka ìyẹn. Oṣù kẹfà '75 ni wọ́n fún yín ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Láti ìgbà náà jẹ́ ọdún mọ́kànlélógún àti oṣù mẹ́rin. Ọdún tó pé nìkan la máa ń kà. Oṣù mẹ́rin yẹn ò wọ̀ ọ́. Ẹ má bínú, sà."

Kò sí ẹnì kan ní ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ̀ pé Mánéjà ti ru òwú rí. Akọ̀wé ló máa ń sọ pé òun kọ́kọ́ jẹ́. Ó ti sọ ọ́ pẹ́ débi pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́. Ó dìde, ó gba ìwé rẹ̀, ó ní, "Kò burú." Bó ṣe ń jáde, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ké, "Ranka ya daɗe, Manaja!" Fún ìgbà àkọ́kọ́, Adédàpọ̀ kò ki ọwọ́ bọ àpò. Ó ń bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, ó ń wo ilẹ̀.

Bó ṣe délé, Moyinọlá béèrè bí ó ṣe rí. Ó ní wọ́n ṣì ń ṣe é. Wọ́n san owó náà sí báńkì. Ó yọ ọ́, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, ó tún ní wọ́n ṣì ń ṣe é.

Èrò kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ mọ́ ọn bí eṣinṣin. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún ló kù nínú ìlérí rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà nínú àpótí. Bí ó bá kó ọgọ́ta lọ fún ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohunkóhun láé. Mánéjà yóò ṣì máa jẹ́ Mánéjà, ògiri yóò dúró bó ṣe wà. Moyinọlá ńkọ́? Moyinọlá ní sùúrù. Adédàpọ̀ tún un rò, ó rí i pé ó tọ́, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé ó tọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìpàdé yóò wáyé, Yàkúbù wá láti Kinkinau. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀, ó yọ ìwé rẹ̀ jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo èyí. Wallahi, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ ìwé."

Adédàpọ̀ gbà á. Ní àkókò yìí, láti òkè ló ti bẹ̀rẹ̀. Bésíìkì tó gbà kẹ́yìn: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti irinwó náírà. Àláwàǹsì tó kù lẹ́yìn ìdàpọ̀ 1992 kò ju ẹgbẹ̀rin náírà lọ. Gbogbo owó oṣù Yàkúbù kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti igba lọ. Ọdún tó pé: ogún. Oṣù kan ààbọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ọgọ́rùn-ún. Lọ́nà ogún...

"Ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́rùn-ún," ni Yàkúbù sọ. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí? Ó pọ̀ lójú mi, ó tún kéré lójú mi. Mo ní bí tèmi bá tó èyí, ti ẹ̀gbọ́n á ti lé ní igba."

Adédàpọ̀ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò rí ẹ̀gàn lójú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú. Bí ó bá ṣe pé ó wá fi í ṣẹ̀sín ni, ì bá mọ bí òun ṣe máa dáhùn.

"Ó tọ́," ló wí. "Wọn ò rẹ́ ọ jẹ. Bésíìkì rẹ ló dára."

"Àwọn yúníọ̀nù ni kí Ọlọ́run bá wa san fún. Ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ ní a ń da ọbẹ̀ sórí ẹ̀bà?" Yàkúbù rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn. "Ẹ̀gbọ́n ò rọrùn o! Ó yá, mo ti ń lọ. A óò ríra ní ìpàdé. Mo mọ̀ pé wọ́n máa fi àtẹ́wọ́ pa yín."

Lọ́jọ́ kejì Adédàpọ̀ gba ọjà Kakuri kọjá. Ìsọ̀ Moyinọlá wà ní títì. Lójú ọ̀nà kejì, nínú ìsọ̀ Àdíját, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ súnmọ́ ti Tinúkẹ́ ọmọ wọn, ló ti rí ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń wọn àǹkárá fún oníbàárà.

"Ẹ fà á dáadáa, Màmá!" ni Àdíját ń sọ. "Ẹ ti bùn ún ní ìbú ọwọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Lára owó tiyín ni màá ti yọ ọ́ o. Haba!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Moyinọlá wí. Ó kó ara rẹ̀ jọ, ó tún aṣọ náà wọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́" sí ọmọdé. Adédàpọ̀ fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi dé ẹ̀yìn àwọn tó ń ta àlùbọ́sà. Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ yóò rò pé ó jalè.

Nírọ̀lẹ́, bí Moyinọlá ṣe ń bọ́ bàtà, Adédàpọ̀ kó ogójì ẹgbẹ̀rún síwájú rẹ̀ lórí ẹní.

"Wọ́n ti san án?"

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti san án."

"Mélòó?"

Ó sọ fún un. Ó sọ ti bésíìkì, ó sọ ti Yàkúbù, ó sì sọ ti òwú tó rù. Kò wo ojú rẹ̀. Moyinọlá ka owó náà, nítorí oníṣòwò ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó láìkà á. Lẹ́yìn náà ó so ó mọ́ ìdí ìró.

"Ogún tó o ní o máa fi lé e ńkọ́?"

Adédàpọ̀ ń fi ọwọ́ tún etí ẹní ṣe.

"Mò ń bá ọ ṣeré ni," ni Moyinọlá wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Lọ jẹun. Mo ti bu ọbẹ̀ sórí ẹ̀bà ẹ."

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Páànù tuntun ń dán lókè, orúkọ rẹ̀ sì wà lójú ògiri bí oòrùn ọ̀sán. Alhaji Jàmàlúdéènì ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn Mánéjà wa! Owó ilé iṣẹ́ ti dé!"

Adédàpọ̀ dìde. Ní ọ̀nà, ó ti ṣètò ọ̀rọ̀ tó lẹ́wà kan, nípa ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè àti ìjọba ológun. Ó wá ọ̀rọ̀ náà, kò rí i.

"Ẹ̀yin ará ilé, mi ò ní i. Mo ṣìṣirò. Gbogbo ohun tí mò ń gbà lóṣù ni mo kà, bésíìkì nìkan ni wọ́n ń kà. Ogójì tí mo san ni agbára mi mọ. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe mánéjà. Alábòójútó ni mí. Alábòójútó tó ti fẹ̀yìn tì."

Oníṣòwò obì nì fọwọ́ bo ẹnu. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín, ẹlòmíì gbá a nígunpá. Adédàpọ̀ wá ojú Yàkúbù láàárín èrò. Yàkúbù ti tẹrí ba, ó ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi.

Alága fọwọ́ tọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é. Ògiri ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un kọ," ni Adédàpọ̀ wí. "Màá san owó ọ̀dà."

Wọ́n tún un kọ. Akunlé fi ọ̀dà funfun bo ti àtijọ́, ó kọ ADÉDÀPỌ̀ AKÍNLADÉ, ₦40,000. Ṣùgbọ́n ó jẹ lára owó ọ̀dà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi funfun náà bò ó. Bí oòrùn bá ti gba ojú fèrèsé wọlé nírọ̀lẹ́, MÁNÉJÀ á tún yọ fẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ funfun, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí àpá tí kò fẹ́ lọ. Adédàpọ̀ kò pa ìpàdé jẹ. Àga kan wà lábẹ́ ògiri náà gan-an, tí ẹni tó bá jókòó sí i máa ń kọ ẹ̀yìn sí orúkọ náà. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Gbogbo àwọn tó kù ló sì ń wo ògiri.